Ọ̀rọ̀ Kan Tàbí Ọ̀rọ̀ Méjì? Ìtàn Àkànpọ̀ àti Pípín Ọ̀rọ̀ Nínú Àkọtọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Àwọn orúkọ bíi Mowe, Ibafo àti Ifo wà lára pátákó ojú ọ̀nà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn láìsí àmì ohùn kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Mowe àti Ibafo wà lábẹ́ rẹ̀: Obafemi Owode. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò tú orúkọ ìkẹyìn yìí palẹ̀ láìpẹ́. Gbólóhùn ni Ọbáfẹ́mi, ìyẹn ni pé ọba fẹ́ mi. Gbólóhùn náà ni Owódé, owó dé. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá fẹ́ tú Mowe tàbí Ibafo palẹ̀ bákan náà, tí kò sì mọ bí àwọn ará ìlú ṣe ń pè é, àfojúbù lásán ni yóò máa ṣe.

Ìyàtọ̀ yìí ni ó bí ìbéèrè tí àròkọ yìí dá lé lórí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé tí wọ́n sì di ọ̀kan, kí ni olótùú tàbí olùkọ́ yóò fi mọ ibi tí ó yẹ kí ó pín wọn sí, tàbí bóyá kò yẹ kí ó pín wọn rárá? Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ Yorùbá sílẹ̀ bá ìbéèrè náà pàdé, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí àkọtọ́ tó fún un ní ìdáhùn tí ó ṣe é tẹ̀ lé.

Bí àwọn èdè mìíràn ṣe yanjú rẹ̀

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, àwọn tí ń sọ èdè Tẹ́lúgù àti Kánnádà ní orúkọ kan fún ìyípadà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ méjì ti pàdé. Sáńdì ni wọ́n ń pè é. Láti ọ̀rúndún 13 ni onímọ̀ gírámà Kánnádà kan, Késírájà, ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn olùkọ́ Kánnádà máa ń fi kọ́ ọmọ. Nínú èkínní, fáwẹ̀lì kan máa ń sọnù: uuru, tí ó túmọ̀ sí ìlú, àti alli, tí ó ń tọ́ka sí ibi, á di uuralli, 'ní ìlú'. Nínú èkejì, ìró tuntun máa ń wọlé láti ya fáwẹ̀lì méjì: mane, ilé, àti alli á di maneyalli, 'nínú ilé'. Nínú ẹ̀kẹta, kọ́ńsónáǹtì kan máa ń yí padà sí òmíràn: male, òjò, àti kala, ìgbà, á di malegala, 'ìgbà òjò'. Ti Tẹ́lúgù kò jìnnà sí èyí. Wadu, tí í ṣe 'òun', àti ekkada, tí í ṣe 'níbo', á di wadekkada.

Ọ̀nà ìkọ̀wé wọn ló mú kí ó rọrùn láti kọ ìyípadà yìí sílẹ̀. Àmì fáwẹ̀lì máa ń lẹ̀ mọ́ ara kọ́ńsónáǹtì ni. Lẹ́tà fáwẹ̀lì tí ó dá dúró kì í sábà wà ní àárín ọ̀rọ̀. Bí fáwẹ̀lì bá ti sọnù, kọ́ńsónáǹtì tí ó kù á gba àmì fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ méjèèjì á sì di ọ̀kan lójú ìwé. Lẹ́tà Róòmù tí Yorùbá ń lò kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ ni yóò pinnu bóyá àlàfo ni yóò fi sílẹ̀ tàbí kò ní fi í sílẹ̀.

Láti 1843 dé 1974

Ní 1843 ni Sámúẹ́lì Àjàyí Kíráótà tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ní 1859, Ẹ́ńrì Táúnsẹ́ǹdì bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ó sì ń jáde títí di 1867. Nígbà náà, lẹ́tà ni ìṣòro ńlá: báwo ni ẹnìkan yóò ṣe kọ ẹ, ọ àti ṣ? Ìpàdé àwọn míṣọ́nnárì tí ó wáyé ní Èkó ní oṣù kìíní 1875 mú kí ọ̀rọ̀ lẹ́tà fìdí múlẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ àlàfo kò rí irú ìfìdímúlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nínú Bíbélì àtijọ́ àti àwọn ìwé tí ó tẹ̀ lé e, nigbati jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni li ọjọ jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. Ìlànà kan náà kò lè bí àwọn méjèèjì, nítorí pé ní ni ó bẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì.

Ní 1965, Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé kan jáde lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ àkọtọ́ kalẹ̀ ní 1966, ìgbìmọ̀ náà sì gbé ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 1969. Ní 1974 ni Ìgbìmọ̀ Afikùnlukùn lórí Ètò Ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí àkọtọ́ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń lò títí di òní. Nínú rẹ̀ ni nigbati ti di nígbà tí, gẹgẹbi di gẹ́gẹ́ bí, biotilẹjẹpe di bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé, nlọ sì di ń lọ.

Orúkọ Bámgbóṣé fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí ìgbìmọ̀ náà ń bá jà. Bá mi gbé oṣé ni. Fáwẹ̀lì mi sọnù, ti gbé náà sì sọnù níwájú oṣé, síbẹ̀ ohùn òkè gbé kò bá a lọ. Ó ta mọ́ fáwẹ̀lì tí ó kù.

Ohùn ni ẹ̀rí

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí. Nínú ìpajẹ Yorùbá, fáwẹ̀lì lè lọ, ṣùgbọ́n ohùn a máa ṣẹ́kù. Àpẹẹrẹ kan tó láti fi hàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ gbomo láìsí àmì, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló lè wà nínú rẹ̀. Gbé ọmọ á di gbọ́mọ. Gba ọmọ á di gbọmọ. Ẹni tí ó gbọmọ lè jẹ́ alágbàtọ́ tí ó gba ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́mọ lè jẹ́ ìyá tí ó gbé e pọ̀n, ó sì lè jẹ́ gbọ́mọgbọ́mọ. Fáwẹ̀lì é àti a ti pòórá nínú àwọn méjèèjì. Ohùn orí ọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ó sọ èyí tí ó pòórá. Olótùú tí ó bá yọ àmì ohùn kúrò ti pa ẹ̀rí tí ẹlòmíràn ìbá fi pín ọ̀rọ̀ náà.

Irú ẹ̀rí yìí náà ni ó wà nínú Ọbáfẹ́mi. Ọba tí ó dá dúró ní ohùn àárín méjì, ṣùgbọ́n nínú orúkọ náà ohùn òkè wà lórí a. Ohùn òkè yìí ni ó máa ń so olùwà mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbólóhùn Yorùbá. Ó jẹ́rìí pé gbólóhùn ni orúkọ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ méjì tí a tò jọ. Abẹ́òkúta yàtọ̀ sí i: abẹ́ àti òkúta ni, fáwẹ̀lì kankan kò sọnù, ohùn kankan kò sì yí padà.

Kọ́ńsónáǹtì pẹ̀lú máa ń yí padà, gẹ́gẹ́ bí ti malegala. Oní àti ilé di onílé, ṣùgbọ́n oní àti aṣọ di aláṣọ, oní àti epo di elépo. N dúró níwájú i. Níwájú fáwẹ̀lì àìránmúpè mìíràn ó di l. Nítorí náà ni ní ilé ṣe di nílé tí ní oko sì di lóko. Li àtijọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ní ni, tí wọ́n kọ ìyípadà kọ́ńsónáǹtì rẹ̀ sílẹ̀ láìpa fáwẹ̀lì rẹ̀ jẹ.

Àpẹẹrẹ lórí títún gbólóhùn kọ

Gbólóhùn tí ó wà nísàlẹ̀ yìí wà ní àkọtọ́ àtijọ́:

Nigbati awọn ara ilu nṣiṣẹ li oko, ojo nrọ̀, ṣugbọn nwọn kò simi, biotilẹjẹpe o rẹ̀ wọn.

Olótùú yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ìró kan sọnù. Nínú nigbati, fáwẹ̀lì kan sọnù láàárín ní àti ìgbà, nítorí náà nígbà dúró bí ọ̀rọ̀ kan. Láàárín nígbà àti tí, ohunkóhun kò sọnù. Tí ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, òun ni ó ṣí awẹ́ gbólóhùn tí ó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni àlàfo yóò wà. Ẹni tí ó bá kọ ní gbà tí gé ọ̀rọ̀ níbi tí kò ní oríkèé. Ọ̀nà kan náà ni ó pín nṣiṣẹ sí ń ṣiṣẹ́: ìpajẹ wà láàárín ṣe àti iṣẹ́, kò sí láàárín ń àti ṣe. Nínú biotilẹjẹpe, ohunkóhun kò sọnù rárá, ọ̀rọ̀ márààrún yóò sì dá dúró.

Ní ti ara ilu, àrànmọ́ ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ìpajẹ. I gba ìró a, sílébù rẹ̀ sì wà síbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é yóò kọ aráàlú. Ẹni tí ó fẹ́ ẹ̀kún rẹ́rẹ́ yóò kọ ará ìlú. Èyí tí kò tọ́ ni arálú, nítorí ó ju sílébù kan nù. Ohun tí ó tọ́ kí olótùú ṣe ni kí ó mú ọ̀kan, kí ó sì lò ó jálẹ̀ ìwé. Gbólóhùn náà yóò wá di:

Nígbà tí àwọn aráàlú ń ṣiṣẹ́ lóko, òjò ń rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sinmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹ̀ wọ́n.

Ibi tí kò yẹ kí a pín

Pé olótùú mọ orírun ọ̀rọ̀ kò túmọ̀ sí pé kí ó dá a padà síbẹ̀. Fẹ́ràn wá láti fẹ́ àti ọ̀ràn. Rántí wá láti rán àti etí. Ẹni tí ó bá kọ 'ó fẹ́ ọ̀ràn ìyá rẹ̀' kò sọ pé ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ mọ́. Ìtumọ̀ ti di ọ̀kan, ìkọsílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Ṣiṣẹ́ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ó ṣì ṣe é tú. 'Ó ṣiṣẹ́' tó bẹ́ẹ̀ fún ìṣe lásán. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kan pàtó bá wà lọ́kàn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, 'ó ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un' ni ó yé ni jù. Ìtumọ̀ gbólóhùn ni yóò pinnu, kì í ṣe gígùn ọ̀rọ̀.

Ìkádìí

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ifo tàbí Mowe ṣì ń ka nigbati nínú Bíbélì ilé, ó sì ń ka nígbà tí nínú ìwé kíláàsì. Bí olùkọ́ bá kàn fi yíńkì pupa fa ìlà sí i, ọmọ náà yóò rò pé ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì kò mọ Yorùbá. Bí olùkọ́ bá fi hàn án pé ìró sọnù lẹ́yìn ní, àti pé kò sí èyí tí ó sọnù ṣáájú tí, ọmọ náà yóò lè pín gẹgẹbi àti jẹki fúnra rẹ̀. Ní ti orúkọ ìlú tí kò ní àmì lára pátákó, kí olùkọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà ìlú, kí ó fi àmì ohùn sí i, lẹ́yìn náà kí ó tó wá oríkèé rẹ̀.