Ìdí Tí Tẹmómítà Aláìfọwọ́kàn Fi Ń Ṣìnà Lára Ìkòkò Dídán

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà lónìí bẹ̀rẹ̀ nínú agboolé kan ní Djègan-Kpèvi, ní Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ó ń ṣe wàrà kíkan tà. Òun ni ó sọ fún mi ní ọjọ́ kan pé wàrà òun kọ̀, kò dì mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti da ìkòkò wàrà nù. Owó gidi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe wàrà kíkan á kọ́kọ́ gbé wàrà ka iná títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Lẹ́yìn náà, á gbé e kalẹ̀ kí ó lè rọ̀. Nígbà tó bá rọ̀ dé nǹkan bíi dígírì 43, á bu ṣíbí wàrà kíkan tàná sí i. Wàrà tàná yìí ni ìwúkàrà rẹ̀. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tín wà nínú rẹ̀ tí ojú kò rí, àwọn ni wọ́n ń mú wàrà tuntun kan tí wọ́n sì ń mú un dì. Ṣùgbọ́n bí wàrà náà bá ṣì gbóná jù, wọn yóò kú, wàrà kò sì ní dì láéláé.

Tẹ́lẹ̀, ìka ni ìyá wa fi ń mọ̀ bí wàrà ṣe gbóná tó. Lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ fún un ní tẹmómítà kan tó dà bí ìbọn kékeré, irú èyí tí a kì í fi kan ohun tí a ń wọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àrùn kòrónà wọ ilẹ̀ Benin ní oṣù kẹta ọdún 2020, irú rẹ̀ ni wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wa ń nà án sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò àlùmíní rẹ̀, èyí tó máa ń fi yanrìn fọ̀ títí yóò fi máa dán. Bí ẹ̀rọ bá ti kọ 42 tàbí 43, á da ìwúkàrà sí i. Wàrà kò sì dì.

Mo ní kí ó jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mú tẹmómítà onígíláàsì wá, irú èyí tí a ń kì bọ inú omi, mo sì kì í bọ inú wàrà. Ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn kọ 42. Ti onígíláàsì kọ 70.

Ìyá náà wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èwo nínú wọn ló ń purọ́?”

Kí á tó dá a lóhùn, ó yẹ kí á padà sẹ́yìn ju igba ọdún lọ. Ní ọdún 1800, ọ̀gbẹ́ni William Herschel, olórin kan tó di awòràwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú gíláàsì onígun mẹ́ta, ó fi la ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí oríṣiríṣi àwọ̀ bí òṣùmàrè. Ó gbé tẹmómítà sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé e kọjá àwọ̀ pupa, sí ibi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ibẹ̀ gan-an ni tẹmómítà ti gòkè jù. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé ìtànṣán kan wà tí ojú ènìyàn kò rí, tó sì ń gbé ooru kiri. Gbogbo ohun tó bá ní ooru lára ló ń tú irú ìtànṣán yìí jáde: ara yín, ògiri, ìkòkò, ilẹ̀. Bí ẹ bá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iná èédú láìfọwọ́kàn án, ohun tí ẹ ń mọ̀ lára nìyẹn. Òun náà ni ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn ń gbà sínú.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1804, ará Scotland kan tó ń jẹ́ John Leslie tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ ooru. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe rọrùn débi pé ẹnikẹ́ni nínú yín lè ṣe é. Ó mú agolo onígun mẹ́rin, ó rọ omi gbígbóná kún un. Ó fi ojú kan agolo náà sílẹ̀ bó ṣe ń dán. Ó fi dúdú èéfín àtùpà kun ojú kejì. Ó lẹ bébà funfun mọ́ òmíràn. Omi kan náà ló wà nínú agolo, nítorí náà ooru kan náà ló wà lójú agolo gbogbo. Síbẹ̀, bí ó ti ń yí i padà síwájú ohun ìwọ̀n rẹ̀, ohun tó rí kò dọ́gba. Bí a bá pe ooru tí ojú dúdú ń tú jáde ní 100, ti bébà jẹ́ 98, ti ojú dídán kò sì ju 12 lọ.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Bébà funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú dúdú èéfín! Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ohun kan funfun tàbí ó dúdú lójú wa. Awọ ara ènìyàn náà rí bẹ́ẹ̀, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ń tú ooru bákan náà. Irin dídán ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ń fi ooru rẹ̀ pamọ́ bí ahun.

Ní ọdún 1859, Gustav Kirchhoff, ará Jámánì, sọ ìdí rẹ̀. Ohun tó bá mọ ooru gbà náà ló mọ̀ ọ́n tú jáde. Irin dídán kì í gba ìtànṣán tó bá bà á, ńṣe ló ń dá a padà bíi dígí. Bí kò ti mọ̀ ọ́n gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n tú.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Djègan-Kpèvi wàyí. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ìyá wa ti fi nọ́ńbà kan sínú rẹ̀: 0.95. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ gbà pé, nínú 100 tí ojú dúdú ìbá tú jáde, ohun tí a nà án sí ń tú 95. Nọ́ńbà yẹn dára fún bébà, igi, amọ̀, aṣọ àti oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìkòkò àlùmíní tí a fi yanrìn fọ̀ kò tú ju nǹkan bíi 25 lọ. Ìyókù tí ẹ̀rọ rí lára ìkòkò kì í ṣe ti wàrà rárá, ooru ògiri àti ilẹ̀ agboolé ni ìkòkò ń dá padà bíi dígí, àwọn yẹn kò sì ju dígírì 30 lọ. Ẹ̀rọ pa 70 àti 30 pọ̀, ó kọ 42. Kò purọ́ nípa ohun tó rí. Àwa la ní kí ó wo ohun tí kò yẹ.

Ìyá náà ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò máa fi 28 kún un. Èrò tó dára ni, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́. Nígbà tí wàrà rọ̀ dé 43 gan-an, ara ìkòkò dídán kọ 33, àṣìṣe ti di 10. Bí wàrà bá tutù dé bí ògiri ṣe rí, kò ní sí àṣìṣe rárá. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí a lè yí nọ́ńbà 0.95 náà padà sí 0.25. Ìyẹn pàápàá kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lára irin dídán, nítorí bí a bá tún ìkòkò fọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á yí, bí iná bá sì wà nítòsí, ìkòkò yóò dá ooru iná padà sínú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan ń ṣe bíi dígí sí ẹ̀rọ yín, ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ẹ tún nà án sí ojú kan náà. Bí nọ́ńbà bá fò, ooru ohun mìíràn wà nínú rẹ̀.

Ohun tí a ṣe ni ohun tí Leslie ṣe. A fi ẹ̀kọ lẹ bébà kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, lókè ibi tí iná ń dé, a fún un láyè kí ó gbẹ kí ó sì gba ooru ìkòkò. Wàrà wà ní 70. Ẹ̀rọ kọ 68 lórí bébà. Inú ìyá wa dùn, ó fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó tún nà án. Ẹ̀rọ kọ 49.

Kí ló tún dé? Ẹ wo ara ẹ̀rọ náà, a kọ D:S 12:1 sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá jìnnà sí ohun kan ní ìwọ̀n 12, ẹ̀rọ ń wo ibi róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1. Ní sẹ̀ǹtímítà 60, ibi tó ń wò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5, ó wà nínú bébà dáadáa. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá, tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 2 àti ààbọ̀, ibi tó ń wò ti fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Bébà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin ibẹ̀ lọ, ara ìkòkò dídán ni ìyókù. Iná pupa kékeré tí ẹ̀rọ ń tàn ló ń tan ènìyàn jẹ. Ó ń tọ́ka sí àárín ni, kò sọ bí ibi tí ẹ̀rọ ń wò ṣe fẹ̀ tó.

Ìdí kan náà ni ẹ̀rọ tiwájú orí fi ń ṣìnà. Láti ibi tó jìnnà, ó ń wo irun, fìlà àti ògiri pọ̀ mọ́ iwájú orí, ó sì lè jẹ́ kí alárùn ibà kọjá. Bí a bá sún mọ́ ọn tó bí ìwé rẹ̀ ti wí, òógùn lè mú iwájú orí tutù, oòrùn sì lè mú un gbóná. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó sábẹ́ ibòji fún ìgbà díẹ̀ ná. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí a ṣe fún ara ènìyàn nìkan wọn ìkòkò. Bí ohun náà bá gbóná ju ara lọ jìnnà, Hi nìkan ni yóò kọ, bó bá sì tutù jù, Lo ni yóò kọ.

Láti ọjọ́ náà, bébà ni ìyá wa ń lẹ, ìwọ̀n apá kan péré ló sì ń fi jìnnà sí i. Ó ń dúró títí bébà yóò fi kọ 42. Wàrà rẹ̀ ń dì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún pè mí. Ó dúró sórí àkàbà lọ́sàn-án gangan, ó na ẹ̀rọ sí páànù tuntun lórí ilé rẹ̀, ó kọ 22. Ó na ọwọ́ kan án, ó sì kígbe. Lára páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà lórí ilé ìdáná, ẹ̀rọ kọ 54. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, páànù tuntun yìí kò kúkú jẹ́ bíi dígí fún ògiri. Kí ni ẹ̀rọ ń rí nínú rẹ̀?”

Mo tọ́ka sókè. Ojú ọ̀run tó mọ́ kedere, tó tutù jù wá lọ jìnnà, ni ẹ̀rọ rí nínú páànù dídán náà.