Ó Gbẹ, Omi sì Kún Un: Bí Wọ́n Ṣe Lè Ròyìn Aláìsàn Kíndìnrín Lédè Yorùbá

Nígbà tí àwọn dókítà bá ń yí wọ́ọ̀dù ká láàárọ̀ láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́, ẹnì kan ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí yóò ròyìn aláìsàn fún ọ̀gá. Ìròyìn náà ní ètò tí kì í yí padà: ta ni aláìsàn, kí ló gbé e wá, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀, ìtọ́jú wo ló ti gbà, kí ni wọ́n rí lára rẹ̀, kí ni àyẹ̀wò sọ, kí ni wọ́n rò pé ó fà á, kí ni wọ́n sì fẹ́ ṣe sí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀ àti ní Èkó. Aláìsàn tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí wà níbẹ̀, ó ń wo ẹnu wọn.

Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ fi Yorùbá ṣe ìròyìn yìí, kò síbi tó dára láti dán an wò tó ọ̀dọ̀ aláìsàn kíndìnrín tó ti di ẹni tí ń lo ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, èyí tí wọ́n máa ṣẹ̀dá náà kò kéré, bí wọ́n bá sì ṣẹ̀dá ọ̀kan lọ́nà òdì, ó lè bo ohun tó ń pa aláìsàn lára mọ́lẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí àpilẹ̀kọ yìí yóò tẹ̀ lé kì í ṣe ènìyàn kan pàtó. Ohun tó wọ́pọ̀ ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n fi hun ún: ìyá kan, ẹni ọdún 54, tí ń ta aṣọ lọ́jà, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ láti ọdún mélòó kan, tí ẹ̀rọ sì ti ń bá a sẹ́ ẹ̀jẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ.

Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ máa ń kọsẹ̀ ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ẹ̀sùn aláìsàn. Ẹ̀sùn ní Yorùbá, ẹni tó fẹ́ẹ́ gbé ẹlòmíì lọ ilé ẹjọ́ ló ni ín. Aláìsàn kì í fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ohun tó gbé e wá ló ń sọ. Bákan náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní "Màmá sẹ́ pé àwọn ò ní ibà" ti sọ ìyá oníyàá di ẹni tí wọ́n ká nǹkan mọ́ lọ́wọ́. "Kò sí ibà" ti tó. Ìròyìn tó gún régé yóò lọ báyìí: "Èémí tí kì í délẹ̀ ló gbé Màmá wá. Ó ti di ọjọ́ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá sùn gbalaja, ó ń fún wọn lọ́rùn. Orí ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n ń sùn báyìí. Kò sí ibà, kò sí ikọ́, àyà kò dùn wọ́n." Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Iye ìrọ̀rí gan-an ni òṣùwọ̀n, nítorí omi tó bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró máa ń tàn ká bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ bó bá gbé orí sókè. Aláìsàn fúnra rẹ̀ sì lè gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ pé mẹ́rin ni lánàá.

Lẹ́yìn èyí ni ìtọ́jú. "Wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀" ni gbogbo ènìyàn ń sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti rinlẹ̀ ju kí ẹnikẹ́ni máa lé e jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fọ̀ máa ń mọ́, a ó sì ká a. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹbí fi ń bi nọ́ọ̀sì pé ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ yóò mọ́ tán. Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe sún mọ́ sísẹ́ ju fífọ̀ lọ. Nígbà tí Willem Kolff ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ìlú Kampen ní ilẹ̀ Netherlands lọ́dún 1943, awọ sẹloféènì tí wọ́n fi ń ṣe sọ́sééjì ló fi ṣe asẹ́. Ihò ara asẹ́ náà kéré débi pé yúríà àti omi ń gbabẹ̀ kọjá, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa àti èròjà aṣaralóore ńláńlá kò lè kọjá. Bí ẹni ń sẹ́ ògì ni, àfi pé níbí, ohun tó kù sórí asẹ́ ni a ń fẹ́, èyí tó jò kọjá ni a ń dà nù.

Ohun tí "sísẹ́ ẹ̀jẹ̀" fi wúlò ju "fífọ ẹ̀jẹ̀" lọ nínú ìròyìn ni pé ó fààyè gba kí wọ́n ya iṣẹ́ méjì tí ẹ̀rọ ń ṣe sọ́tọ̀: ó ń yọ ìdọ̀tí, ó sì ń fa omi. Wọ́n lè ṣe ọ̀kan dáadáa kí èkejì má kúnjú ìwọ̀n. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sọ méjèèjì: "Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ Màmá, wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fa omi lítà mẹ́ta lọ́jọ́ Ẹtì." Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ aláìsàn tí kíndìnrín wọn ti dákẹ́ pátápátá, owó ló sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì. Kíndìnrín tó dá pé ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 168 lọ́sẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ni Màmá ń rí.

Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé inú ẹ̀rọ ló kàn. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ti so òpó ẹ̀jẹ̀ àlọ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ àbọ̀ lápá òsì Màmá, kí ti àbọ̀ lè wú, kó sì nípọn tó láti gba abẹ́rẹ́ ńlá. James Cimino àti Michael Brescia pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló tẹ ìròyìn ọgbọ́n yìí jáde lọ́dún 1966. Fístúlà ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ náà wọ Yorùbá bẹ́ẹ̀ yóò kó ìdààmú bá aláìsàn, nítorí pé fístúlà tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti gbọ́ lórí rédíò ni ti ìyá tó rọbí fún ọjọ́ púpọ̀ tí ìtọ̀ sì wá ń dà lára rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. "Ìsopọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ti ẹnikẹ́ni lójú, ó sì sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Bí a bá ti dé orí ohun tí ọwọ́ àti etí rí lára aláìsàn, Yorùbá kò nílò àwìn. Ìsopọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ máa ń gbọ̀n rìrìrì lábẹ́ ìka. Bí a bá fi ẹ̀rọ ìgbọ́yà sí i, ó ń dún hùù-hùù láìdáwọ́ dúró. Bó bá dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì sì ni. Ti Màmá ń gbọ̀n, ó sì ń dún. Àmọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn wọn yọ gedegbe bí wọ́n ti jókòó, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì ń ta pẹ́pẹ́pẹ́ bí wọ́n bá mí sínú, bí àtàǹpàkò bá sì tẹ ojúgun wọn, ibẹ̀ ń jìn, kì í tètè kún padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ́ 180/110.

Gbogbo èyí ń tọ́ka sí omi. Akẹ́kọ̀ọ́ wá wo ìwé ẹ̀rọ, ó rí i pé kílò 63 ni Màmá gbé wá lọ́jọ́ Ẹtì, kílò 60 ni wọ́n gbé lọ sílé. Ìwé kan náà sọ pé 60 ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n dé. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, ìṣirò sì pé. Ọ̀gá bi í pé, "Bí wọ́n bá ti fa omi tán, omi wo ló ń fún Màmá lọ́rùn lóru ọjọ́ Ẹtì kan náà?"

Ọ̀rọ̀ tó fa ìṣòro wà nínú ìwé yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní ìwọ̀n gbígbẹ: iye tí ènìyàn gbé nígbà tí kò bá sí omi àṣẹ́kù lára rẹ̀. Ẹ sọ fún Yorùbá pé ẹnì kan gbẹ, kò ní rò pé omi tán lára rẹ̀. Yóò rò pé ẹran ara rẹ̀ ló ti tán, pé ó rù. Àmọ́ níbi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti kùnà fún ìtumọ̀ gan-an ló ti fi ohun tí ọ̀gá ń wá hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ bi Màmá pé ṣé wọ́n ti gbẹ. Wọ́n ní, "Mo gbẹ mà! Ìró tí mò ń ró tẹ́lẹ̀ ti ń já bọ́. Oúnjẹ ò wù mí jẹ láti oṣù mẹ́ta." Ọmọ wọn tó dúró tì wọ́n fi kún un pé egungun èjìká wọn ti yọ. Àyẹ̀wò sì fi hàn pé álíbúmìnì wọn jẹ́ 28, nígbà tó yẹ kó ju 35 lọ.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n ti pinnu kílò 60, nígbà tí Màmá ṣì lẹ́ran lára. Láti ìgbà náà, wọ́n ti pàdánù ẹran ara bíi kílò méjì sí mẹ́ta, omi sì ti gba àyè ẹran náà. Òṣùwọ̀n kò mọ ẹran yàtọ̀ sí omi. 60 náà ló ń kà. Lójú ìwé, wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọn ò tíì débẹ̀.

Nítorí náà, "ìwọ̀n láìsí omi àṣẹ́kù" ló yẹ kí ìròyìn Yorùbá máa lò, kó sì máa fi ọjọ́ tí wọ́n pinnu rẹ̀ kún un, nítorí pé ó máa ń yí padà bí ẹran ara bá ti ń yí padà. Ìbéèrè "ṣé ẹ ti gbẹ?" sì yẹ kó wà lára ohun tí wọ́n ń bi aláìsàn ẹ̀rọ lóṣooṣù.

Ọ̀gá kò jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Màmá jẹ́ 8.2, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lè mú kí èémí kúrú, wọ́n sì fi àyẹ̀wò ọkàn kún un kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọkàn náà ti rẹ̀. Àmọ́ ti omi ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Wọ́n fi sísẹ́ kan kún ti ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n sì ń dín ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ dé kù ní ìlàjì kílò lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í fa omi náà lójijì, nítorí bí ẹ̀rọ bá fà á ju bí ara ṣe lè fún un lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru á já wálẹ̀, òòyì á kọ́ aláìsàn, iṣan ẹsẹ̀ á di pa, ìsopọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ náà sì lè dákẹ́. Wọ́n ní kí Màmá dín iyọ̀ àti máàgì kù, torí iyọ̀ ló ń fa òùngbẹ, kí wọ́n sì máa jẹ ẹyin àti ẹja kí ẹran ara lè padà.

Nígbà tí ìwọ̀n dé 57, iṣan ẹsẹ̀ Màmá di pa lórí ẹ̀rọ. Wọ́n gbé e padà sí 57.5. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kúrú: "Màmá ń sùn lórí ìrọ̀rí kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 146/88. Ìwọ̀n láìsí omi àṣẹ́kù jẹ́ 57.5, ọ̀sẹ̀ yìí la pinnu rẹ̀. Ẹbí kò tíì rí owó sísẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́sẹ̀, nítorí náà omi lítà mẹ́ta ni a ó ṣì máa fà lẹ́ẹ̀kan."