Ìdí Tí Fáìlì Tó Ju Gígábáìtì Mẹ́rin Lọ Kì Í Fi Í Wọ Fílááṣì FAT

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo parí fídíò ìgbéyàwó kan tí wọ́n ṣe ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta. Ìṣẹ́jú 90 ni gbogbo rẹ̀: ìdọ̀bálẹ̀ ọkọ níwájú àwọn àna, lẹ́tà tí wọ́n kà sétí gbogbo ilé, títí kan ijó ìrọ̀lẹ́. Ìyá ìyàwó jókòó tì mí pẹ̀lú fílááṣì tuntun, gígábáìtì 32, tí kò tíì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà da fídíò náà kọ sí i. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó gbé jáde nìyí:

```
The file is too large for the destination file system.
```

Mọ́mì ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti ta ayédèrú fún mi ni?" Mo ní, "Rárá o, Mà. Fílááṣì yín pé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó nínú ni kò gba fáìlì tó tóbi tó báyìí." Àlàyé tí mo ṣe fún wọn lọ́jọ́ náà kúrú jù, nítorí náà ni mo fi fẹ́ ṣe é ní kíkún níbí.

Gbogbo fílááṣì ló ní ètò tó fi ń mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lára fílááṣì ni FAT. Marc McDonald ló kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Microsoft ní 1977, fún dísìkì pẹlẹbẹ tí kò gbà ju ìwé díẹ̀ lọ. Tim Paterson mú èrò náà lò nígbà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó di DOS, DOS yìí ni IBM sì fi sórí kọ̀ǹpútà tó gbé jáde ní 1981. Láti ìgbà náà ni fáìlì kọ̀ọ̀kan ti ní ìlà kan nínú ìwé orúkọ tó wà lórí dísìkì. Báìtì 32 péré ni ìlà náà: 8 fún orúkọ, 3 fún àfikún orúkọ, díẹ̀ fún ọjọ́ àti aago, àti 4 tó kẹ́yìn fún ìtóbi fáìlì.

Inú báìtì 4 yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Báìtì kan lè mú iye 256, láti òdo dé 255. Bí a bá to mẹ́rin pọ̀, 256 lọ́nà 256 lọ́nà 256 lọ́nà 256, yóò fún wa ní iye 4,294,967,296, láti òdo. Fáìlì tó tóbi jù tí a lè kọ ìtóbi rẹ̀ síbẹ̀ jẹ́ báìtì 4,294,967,295. Ohun tí à ń pè ní gígábáìtì mẹ́rin nìyẹn, ó dín báìtì kan.

Ẹ ronú nípa òǹkà kìlómítà tó wà nínú ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ń ná Lafẹ́nwá sí Kútọ̀. Bí ojú nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ márùn-ún, lẹ́yìn 99,999 yóò padà sí òdo, ẹni tó bá wò ó yóò sì rò pé ọkọ̀ tuntun ni. Fídíò Ìbarà yẹn ń lo bíìtì mílíọ̀nù 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn báìtì mílíọ̀nù kan. Ìṣẹ́jú 90 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5,400, nítorí náà báìtì 5,400,000,000 ni fáìlì náà. Bí kọ̀ǹpútà bá fi tipátipá kọ ọ́ sínú àyè báìtì 4, iye náà yóò yípo bí ti òǹkà ọkọ̀ yẹn, yóò sì kù sí 1,105,032,704. Fídíò wákàtí kan ààbọ̀ yóò wá máa pe ara rẹ̀ ní fídíò ìṣẹ́jú 18. Kí irọ́ bẹ́ẹ̀ má baà wọ inú ìwé orúkọ ni Windows fi kọ́kọ́ ń wo ìtóbi fáìlì, tó sì ń kọ̀ kó tó dà á kọ rárá. Àwọn ètò mìíràn kì í tètè kọ̀: wọn yóò máa dà á lọ títí ó fi kan ààlà, wọn yóò wá dúró, wọn yóò sì fi àbọ̀ fáìlì sílẹ̀. Bí ẹ bá rí fídíò tó jẹ́ gígábáìtì mẹ́rin géérégé lórí fílááṣì, tó gé láàárín ọ̀rọ̀, ẹ fura.

Kí ló dé tí wọn kò fi báìtì sí i ní 1981? Dísìkì àkọ́kọ́ tí kọ̀ǹpútà IBM yẹn ń lò gba kílóbáìtì 160. Ẹni tó bá fẹ́ kó fáìlì gígábáìtì mẹ́rin sí i yóò lo dísìkì tó lé ní 26,000. Èmi kò dá àwọn tó ṣe é lẹ́bi. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fẹ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni nílò nígbà náà.

Ààlà mìíràn tún bo èyí mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. FAT16, tí a lò ní ìgbà DOS, kì í sábà gba apá dísìkì tó ju gígábáìtì 2 lọ, nítorí náà dísìkì ti máa ń kún kí fáìlì tó dé mẹ́rin. Ní 1996 ni FAT32 jáde pẹ̀lú Windows 95 tí wọ́n tún ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé 32 tó wà lórúkọ rẹ̀ ló fa ààlà fáìlì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibi tí ìpín fáìlì wà lórí dísìkì ni wọ́n sọ di bíìtì 32, wọ́n sì ń lo 28 nínú rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí dísìkì lè gbòòrò. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ìlà orúkọ sílẹ̀ ní báìtì 32, kí àwọn ètò àtijọ́ lè máa kà á lọ, àyè ìtóbi sì dúró sí báìtì 4. Ilé gbòòrò, ẹnu ọ̀nà kò yí padà.

Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó tètè kàn án. Nígbà tí fíìmù Yorùbá ń jáde lórí VCD, dísìkì kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú 74 tàbí 80 lọ, ìdí nìyẹn tí fíìmù fi ń wá ní dísìkì méjì, fáìlì wọn kò sì tó gígábáìtì kan. Kámẹ́rà tuntun ló mú wa dé ààlà náà. Canon 5D Mark II, tó jáde ní 2008, ń dá fídíò dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 12 bí àwòrán bá mọ́ tán, nítorí fáìlì ti kún gígábáìtì mẹ́rin. Ẹni tó bá gbé e sórí igi tó sì lọ jẹun yóò pàdánù àdúrà ìyá ọkọ.

Microsoft gbé exFAT jáde ní 2006, tó fún ìtóbi fáìlì ní báìtì 8, àyè tí fídíò kankan kò lè kún. Ní 2009 ni àwọn tó ń ṣètò káàdì SD yàn án fún káàdì tó bá ju gígábáìtì 32 lọ. Nítorí náà káàdì 64 kì í sábà fa wàhálà yìí, ṣùgbọ́n 32 ń fà á. Láti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ fílááṣì náà pẹ̀lú bọ́tìnì ọ̀tún, ẹ yan `Properties`, ẹ wo iwájú `File system`. Bí ẹ bá rí `FAT32`, ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ibòmíràn, nítorí àṣẹ yìí, tó ń sọ ọ́ di exFAT, yóò nù ún tán:

```
format E: /fs:exfat /q
```

`E:` ni lẹ́tà fílááṣì. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Fún Mọ́mì, èmi kò lo exFAT. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó wà nílé wọn kò ka ohun mìíràn ju FAT32 lọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n fẹ́ jókòó wò ó pẹ̀lú àwọn àlejò. Mo gé fídíò náà sí méjì. Ìdána jẹ́ ìṣẹ́jú 50, báìtì 3,000,000,000. Ijó àti ìyókù jẹ́ ìṣẹ́jú 40, báìtì 2,400,000,000. Méjèèjì wọ fílááṣì kan náà, àyè sì tún ṣẹ́kù lórí rẹ̀ fún àwọn fọ́tò.