Nígbà tí ìpín ogún bá pọ̀ ju ogún lọ

Ẹ gbọ́ ná. Obìnrin kan kú. Kò bímọ, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ ló kù, àti ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin méjì tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Lẹ́yìn tí wọ́n san gbèsè tán, dírámù 42 ló ṣẹ́ kù. Báwo lẹ máa ṣe pín in?

Kùránì ti pín in, nínú Súrà Nísáì. Ẹsẹ 12 ní tí obìnrin ò bá bímọ, ìdajì ni ti ọkọ. Ẹsẹ 176 ní tí ẹni tí ò bímọ bá fi arábìnrin méjì sílẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni tiwọn.

Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Ìdajì 42 jẹ́ 21. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 28. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 49! Ibo la ti fẹ́ rí 7?

Àwọn onímọ̀ òfin sọ pé irú ẹjọ́ yìí dé iwájú Káálífà Úmárù, tó ṣèjọba láti 634 sí 644. Kò mọ ẹni tó yẹ kóun fi ṣáájú, ló bá fọ̀rọ̀ lọ àwọn tó bá Ànábì rìn. Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni pé kí àdánù kárí, bí ìgbà tí gbèsè òkú bá ju owó tó fi sílẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe é rèé. Nọ́ńbà tó kéré jù tó ṣeé pín sí méjì, tó tún ṣeé pín sí mẹ́ta, ni 6. Ọkọ ní 3 níbẹ̀, àwọn arábìnrin ní 4. Àpapọ̀ jẹ́ 7. Torí náà, ọ̀nà 7 ni wọ́n pín owó sí, kì í ṣe 6 mọ́. Áólù ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí.

Ọ̀nà kan wá jẹ́ dírámù 6. Ọkọ gba 18, àwọn arábìnrin gba 24. Ọkọ pàdánù 3 nínú 21, àwọn yẹn pàdánù 4 nínú 28. Ẹ wò ó dáadáa: ìdá kan nínú méje ló bọ́ lọ́wọ́ tọ̀tún tòsì.

Àmọ́ Ibnu Abáàsì ò gbà. Ó ní Ọlọ́run tó mọ iye gbogbo nǹkan ò lè fi ìpín tó ju owó lọ sínú owó. Lójú tiẹ̀, ìpín ọkọ lè dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin tí ọmọ bá wà, ṣùgbọ́n kò ní lọ sílẹ̀ jùyẹn lọ. Tàwọn arábìnrin ò rí bẹ́ẹ̀: tí wọ́n bá ní arákùnrin, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n á jọ pín. Torí náà, àwọn ni kí àdánù bá. Ọkọ á gba 21, àwọn náà á gba 21.

Mẹ́sáàbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàwọn Súnnì di áólù mú. Àwọn Ṣíà tẹ̀ lé Ibnu Abáàsì títí dòní.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹsẹ kan náà ni wọ́n jọ ń kà. Lójú àwọn kan, "ìdajì" jẹ́ iye tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dín kù. Lójú àwọn tó kù, ó jẹ́ bí ìpín ẹnì kan ṣe tó sí ti ẹnì kejì. Ìyàtọ̀ yẹn ló gbé dírámù 3 kúrò lọ́wọ́ àwọn arábìnrin yẹn, tàbí kúrò lọ́wọ́ ọkọ.