Fúlóótì Táńkì Abẹ́lẹ̀ àti Bí Ó Ṣe Ń Kùnà

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn, omi kì í gba ọ̀nà tààrà dé orí ilé. Ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sínú táńkì abẹ́lẹ̀, yálà ó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá tàbí ọkọ̀ táńkà ló gbé e wá, kí pọ́ǹpù tó fà á lọ sí táńkì òkè. Fúlóótì ni suìṣì tí wọ́n so kọ́ sínú táńkì abẹ́lẹ̀ náà láti máa ṣọ́ omi. Bí omi bá tó, ó jẹ́ kí iná kọjá sí pọ́ǹpù. Bí omi bá fẹ́ tán, ó gé iná náà. Ọ̀nà méjì ni ìkùnà rẹ̀ máa ń gbà hàn. Yálà kí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ nígbà tí kò sí omi mọ́, tàbí kí omi kún dẹ́nu táńkì kí pọ́ǹpù má sì dáhùn.

Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ ike tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tí wáyà gígùn jáde ní ìdí rẹ̀. Suìṣì kékeré kan wà nínú ike náà, pẹ̀lú irin róbótó tó lè yí síwá sẹ́yìn. Bí omi bá gbé ike sókè débi tó fi orí sókè, irin náà á yí lọ tẹ suìṣì; bí omi bá fà tí ike sì dorí kodò, irin á yí padà. Ẹrù kékeré kan máa ń wà lára wáyà. Ibi tí wọ́n bá fún un mọ́ ni ike ti ń gòkè tó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Wáyà mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú okùn rẹ̀. Ọ̀kan ni ti gbogbogbò. Èkejì ń bá a pàdé nígbà tí ike bá wà lókè, ẹ̀kẹta nígbà tí ike bá wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí fúlóótì kan náà fi wúlò fún táńkì abẹ́lẹ̀ àti táńkì òkè, nítorí táńkì òkè ń fẹ́ kí iná gé nígbà tí omi bá kún, táńkì abẹ́lẹ̀ sì ń fẹ́ òdìkejì rẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá ṣi wáyà mú, pọ́ǹpù á dákẹ́ nígbà tí táńkì abẹ́lẹ̀ kún, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tó bá gbẹ. Ẹni tó bá rí àmì yìí kò gbọdọ̀ ra fúlóótì tuntun. Wáyà ni wọ́n so lódì. Àwọ̀ wáyà kò ṣeé gbára lé, nítorí kì í ṣe àwọ̀ kan náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń lò. Mítà ló yẹ kí oníná fi wò ó.

Ohun tó ń pa fúlóótì jù lọ ni iná tí wọ́n ń jẹ́ kí ó gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn tó ń tún pọ́ǹpù ṣe kì í sì í sábà wo ibẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ fúlóótì ni wọ́n kọ 10(4) A sí. Mẹ́wàá ni ámpìà tó lè gbé bí ó bá jẹ́ ohun tó kàn ń gbóná, bí áyọ́ọ̀nù. Mẹ́rin inú àkámọ́ ni ti mọ́tò. Pọ́ǹpù wan-họ́ọ̀sì ń fa nǹkan bí ámpìà márùn-ún lórí iná 230 fólítì, nígbà tó bá sì ń ṣí, ó lè fa ìlọ́po mẹ́rin sí mẹ́fà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí iná bá wá rọ̀, tí pọ́ǹpù ṣì ń ti omi lọ sókè, ámpìà tún máa ń pọ̀ sí i. Lójoojúmọ́ ni iná ń ṣẹ́ níbi tí irin suìṣì ti ń pàdé. Nígbà mìíràn irin méjèèjì á yọ́ lẹ̀ mọ́ra, iná kò ní gé mọ́, pọ́ǹpù á sì ṣiṣẹ́ títí omi fi tán. Nígbà mìíràn wọ́n á jó dúdú, iná kò ní kọjá mọ́, pọ́ǹpù kò sì ní ṣí. Ohun kan náà ló fa méjèèjì. Oògùn rẹ̀ ni kọ́ńtákítọ̀: kí fúlóótì máa pàṣẹ fún kọ́ńtákítọ̀ nìkan, èyí tí kò gba ámpìà kan pàápàá, kí kọ́ńtákítọ̀ sì gbé ẹrù mọ́tò.

Pọ́ǹpù tó bá ṣiṣẹ́ láìsí omi kì í pẹ́ bàjẹ́. Láàárín mọ́tò àti ibi tí omi wà ni síìlì wà, ojú méjì tó dán tó ń yí lórí ara wọn, omi ni ó sì ń tù wọ́n lára. Bí omi bá tán, wọ́n á gbóná, wọ́n á sán, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán láàárín pọ́ǹpù àti mọ́tò. Bí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ ike, ooru lè sọ ọ́ di wíwọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo táńkì kan tó fẹ̀ ní mítà méjì, tó gùn ní mítà méjì, tó sì jìn ní mítà méjì. Omi kún inú rẹ̀, pọ́ǹpù kò ṣí. Oníná á kọ́kọ́ pa bírékà, á sì rí i pé jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà kò lè dédé gbé iná wọlé. Á tú wáyà fúlóótì méjì tí wọ́n so mọ́ pánẹ́ẹ̀lì kúrò, á sì fi mítà sí i. Á fi okùn fa ike jáde láti ẹnu táńkì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀. Bí ó bá gbé ike sókè, ó yẹ kí mítà ké. Bí ó bá sọ ọ́ kodò, kí ó dákẹ́. Bí ó bá ń ké ní ipò méjèèjì, irin inú ti lẹ̀ mọ́ra. Bí kò bá ké rárá, ó ti jó tàbí wáyà ti já. Kí ó tún mi ike náà létí: ó yẹ kí ó gbọ́ irin tó ń yí. Bí omi ló ń dún nínú rẹ̀, ike ti sán, ó ti wúwo, kò lè léfòó mọ́. Ike tó bá ṣe dáadáa lọ́wọ́, àmọ́ tí kò ṣiṣẹ́ nínú táńkì, á jẹ́ pé páìpù tàbí ògiri ló ń dá a dúró, tàbí pé ẹrù ara wáyà ti yọ̀ kúrò níbi tí wọ́n fún un mọ́.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dá a padà, ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì. Ká ní ẹnu fúútì fáàfù ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀ táńkì. Bí wọ́n bá fún ẹrù mọ́ wáyà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí ike, tí ẹrù náà sì wà ní 44 láti ilẹ̀, pọ́ǹpù á dúró ní nǹkan bí 30, á sì tún ṣí ní nǹkan bí 58. Nínú táńkì yìí, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá jẹ́ lítà 400, nítorí náà lítà 600 ṣì wà lókè ẹnu fáàfù nígbà tí iná bá gé. Bí wọ́n bá sún ẹrù mọ́ ike jù, ṣíṣí àti pípa á sún mọ́ra, omi tó bá kàn mì á máa pa pọ́ǹpù á sì tún máa ṣí i, ìyẹn sì ń jó irin suìṣì kíákíá.

Ibì kan wà tí agbára fúlóótì kò dé. Omi inú táńkì nìkan ló ń rí, kò rí inú páìpù. Bí fúútì fáàfù bá ń jò, omi páìpù á padà sínú táńkì lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, fúlóótì á ní omi wà, pọ́ǹpù á sì máa yí pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lásán. Mítà tí wọ́n ń fi há wáyà á fi ámpìà tó lọ sílẹ̀ hàn, nítorí pọ́ǹpù tí kò gbé omi kì í fa iná tó èyí tó ń gbé e. Ẹ̀rọ ààbò tó ń gé iná nígbà tí ámpìà bá lọ sílẹ̀ báyìí wà lọ́jà, inú pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń so ó mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńtákítọ̀.