Ta ló fi agbára owó sí ipò kẹjọ?

Ọ̀kan nínú yín tó ń bójú tó ọjà rírà ní ilé-iṣẹ́ kan bi mí léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé báwo ni kí òun ṣe pín 100 máàkì láàárín ohun mẹ́rin tí wọ́n fi ń yan olùpèsè: dídára ọjà, dídé ọjà lákòókò, iye owó, àti agbára owó olùpèsè fúnra rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun ti kọ 40, 30, 20 àti 10 sílẹ̀, pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ ẹ̀rín náà korò díẹ̀. Èmi náà ti kọ iye yẹn gan-an rí, ó sì fi ìyà jẹ wá. Kí n tó sọ tèmi, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1966, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Gary Dickson, to ohun 23 jọ tí èèyàn lè wò kó tó yan ẹni tí yóò máa kó ọjà fún ilé-iṣẹ́. Ó fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn 273 tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọjà rírà, 170 nínú wọn sì dáhùn. Wọ́n fún ohun kọ̀ọ̀kan ní máàkì tó lè ga dé 4, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe pàtàkì lójú wọn tó. Dídára ọjà ló gba ipò kìíní, pẹ̀lú bíi 3.5. Dídé lákòókò tẹ̀ lé e pẹ̀lú 3.4. Iye owó, tí ọ̀pọ̀ wa rò pé òun ló ń ṣáájú, bọ́ sí ipò kẹfà pẹ̀lú nǹkan bíi 2.8. Agbára owó olùpèsè wà ní ipò kẹjọ, ó gba 2.5.

Ipò yẹn làwa olùkọ́ ń kọ́ọ̀yàn láti ìgbà náà. Ẹ̀kẹjọ, ẹ̀kẹjọ, ẹ̀kẹjọ! Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ipò kì í sọ bí àlàfo ṣe tó. Ẹ wò ó: àárín iye owó tó wà ní ipò kẹfà àti agbára owó tó wà ní ipò kẹjọ kò ju ìdá mẹ́rin máàkì kan lọ. Bí a bá mú ohun mẹ́rin tiwa yìí nìkan, tí a sì pín 100 fún wọn gẹ́gẹ́ bí máàkì tí wọ́n gbà lọ́dọ̀ Dickson, dídára á gba bíi 29, dídé lákòókò 28, iye owó á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 23, agbára owó á sì lé ní 20. Ìlọ́po méjì ohun tí ọ̀gá ọmọ wa kọ sílẹ̀ nìyẹn.

Ó tó kí n sọ tèmi báyìí. Lọ́dún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ tó fẹ́ ra tábìlì àti àga fún ilé ẹ̀kọ́ kan. Èmi ni mo kọ ìwé máàkì náà: dídára 40, dídé lákòókò 30, iye owó 20, agbára owó 10. Àwọn kọngílá méjì ló kù níkẹyìn. Ẹni kìíní gba 9 nínú 10 fún dídára, 9 fún dídé lákòókò, 9 fún iye owó, àmọ́ 2 péré fún agbára owó, torí gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹnì kejì gba 8, 8, 7, ó sì gba 9 fún agbára owó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ti ẹni kìíní jẹ́ 36 àti 27 àti 18 àti 2, àpapọ̀ 83. Ti ẹnì kejì jẹ́ 32 àti 24 àti 14 àti 9, àpapọ̀ 79. A yan ẹni kìíní, a sì fún un lówó àsansílẹ̀ kó fi ra pákó.

Tábìlì díẹ̀ ló dé. Lẹ́yìn náà, ìlẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tì, àwọn tó jẹ lówó ti kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù ṣe ìdánwò lọ́dún yẹn. Kò sẹ́ni tó jalè. Èmi ni mo ṣírò rẹ̀, ìṣirò náà sì pé.

Ká ní mo lo ìpín tó ti ọ̀dọ̀ Dickson wá ni, ẹnì kejì ì bá gba 80, ẹni kìíní ì bá gba bíi 76. Ṣé ojútùú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé ká kàn gbé agbára owó lọ sí 20? Rárá o. Bí ẹni kìíní bá gba 10 nínú ohun mẹ́ta yòókù, á tún borí pẹ̀lú 84, gbèsè lọ́rùn náà ni. Ẹ kíyè sí i: ìwọ̀n tí a fún ohun kan náà ni òpin ìyà tí ohun náà lè fi jẹ olùpèsè nínú ìṣirò. Bí mo bá kọ 10 fún agbára owó, mo ti sọ pé bí ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń kú lọ, kò lè pàdánù ju máàkì 10 lọ. Ọjà tó wọ́n díẹ̀, a lè fi dídára rẹ̀ tu ara wa nínú. Àmọ́ ẹni tó bá ti kógbá wọlé, kí la fẹ́ fi dípò rẹ̀?

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ti rí i. Ní ìparí 2001, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ UPF-Thompson wọ gbèsè, ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn alábòójútó tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba owó padà fún àwọn tó jẹ ní gbèsè. Òun nìkan ló ń ṣe ṣáásì ọkọ̀ Discovery fún Land Rover. Àwọn alábòójútó náà ní kí Land Rover san ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn kí ṣáásì lè máa wá. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, Land Rover sì gbà níkẹyìn láti gbé nínú ẹrù gbèsè náà. Máàkì dídára àti ti dídé lákòókò ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lánàá. Agbára owó ló ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la, pàápàá níbi tí olùpèsè bá ti jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ wa ni pé kí agbára owó kọ́kọ́ jẹ́ ẹnu-ọ̀nà, kó tó di máàkì. Kó gba ìwé ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí àwọn ayẹ̀wéwò ti fọwọ́ sí. Kó wo gbèsè tí wọ́n gbọ́dọ̀ san láàárín ọdún kan, kó fi í wé owó àti ọjà tó lè di owó láàárín ọdún náà. Bí gbèsè bá ju owó lọ, tí olùpèsè sì ń kánjú béèrè àsansílẹ̀, ẹni tó bá gba ìsàlẹ̀ 5 nínú 10 kò ní wọ inú ìṣirò rárá. Àwọn tó bá wọlé ni ká wá pín 100 fún. Ìpín yẹn náà ò ní jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ọjà: Dickson fúnra rẹ̀ fi ọ̀dà, tábìlì, kọ̀ǹpútà àti àwòrán ìpolówó bi wọ́n léèrè, ipò àwọn nǹkan náà sì ń yí padà láti orí ọjà kan sórí òmíràn.

Ẹnu-ọ̀nà yìí ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ kò ní ìwé ọdún mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè dára ju ti àwọn àgbà lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má tì í síta. Ẹ fún un ní ìdá kan nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ sì máa sanwó bí ọjà bá ṣe ń dé. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ni, tábìlì ì bá kéré, àmọ́ owó wa ì bá kù lọ́wọ́ wa láti fi ra ìyókù.