Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n òní

Nọ́ọ̀sì kan ní Surulérè ló ní kí n bá òun kọ káàdì kan ní Yorùbá, èyí tí àwọn ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì nítorí ọkàn wọn yóò máa mú lọ sílé. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí, orúkọ àìsàn náà nìkan sì jẹ ọ̀sẹ̀ kan nínú rẹ̀.

Ibà làkúrègbé ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Bí ìyá kan ní Muṣin bá gbọ́ làkúrègbé, orúnkún ìyá àgbà ló máa wá sí i lọ́kàn, ohun tí a ń fi òróró pa. Bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àìsàn yìí máa ń mú jù. Ọ̀fun ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ sitirẹpitokọ́kọ́ọ̀sì a mú ọmọ lọ́fun, ọ̀fun a sì san. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ara tó ń bá kòkòrò jà á ṣi ẹran ara ọmọ náà mú. Orúnkún a wú, ìrora á sún sí ọrùn ẹsẹ̀, á tún bọ́ sí ìgúnpá, gbogbo rẹ̀ á sì lọ. Ilẹ̀kùn inú ọkàn ni kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí àìsàn náà bá tún padà wá, àpá á gun orí àpá, títí ilẹ̀kùn ọ̀hún kò fi ní lè ṣí tàbí padé bó ṣe yẹ. Mo pa làkúrègbé rẹ́, mo kọ “ibà ọ̀fun tó ń ba ọkàn jẹ́”. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ.

Ó wá ku abẹ́rẹ́. Ẹnì kan ní kí n pè é ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo kọ̀. Àjẹsára ń kọ́ ara ní ìjà. Bẹnsatíìnì pẹnisílíìnì kì í kọ́ ara ní nǹkan kan. Inú ẹran ìdí ló ń jókòó sí, tí ó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, kí kòkòrò tó bá tún fẹ́ wọ ọ̀fun lè bá a lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá yọ́ tán, ẹnu ọ̀nà ṣófo. Ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa ni mo rántí, ni mo bá kọ “abẹ́rẹ́ ẹ̀ṣọ́”. Nọ́ọ̀sì fi han ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún kan.

Ọmọ náà ní, “Ṣùgbọ́n ara mi ti yá, mà. Abẹ́rẹ́ yìí sì máa ń dùn mí títí di ọjọ́ kejì.”

“Ara yíyá ọ̀hún náà la ń ṣọ́. Ti dídùn, wàá rí i lónìí.” Ó fi lignokéènì po ìyẹ̀fun oògùn náà kí ibẹ̀ lè kú díẹ̀, ó sì ń tì í wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ó ki bí ògì.

Ọmọ yìí kò sá fún abẹ́rẹ́ rí. Káàdì rẹ̀ àtijọ́ kọ “lẹ́ẹ̀kan lóṣù”, ó sì ń wá ní gbogbo ọjọ́ keje oṣù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Kìíní 2025 ló gba ti àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Ó wá ní 7 oṣù Kejì, 7 oṣù Kẹta àti 7 oṣù Kẹrin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ìlànà wí, kì í ṣe oṣù. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì, 4 oṣù Kẹta àti 1 oṣù Kẹrin ló yẹ kó wá, Ìṣẹ́gun sì ni gbogbo wọn. Abẹ́rẹ́ mẹ́tàlá ló ń wọ ọdún kan, méjìlá kọ́. Ó sì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí oògùn náà ti máa ń kéré jọjọ nínú ẹ̀jẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kẹrin tó pé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fún àwọn mìíràn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta.

Mo wá kọ “ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n òní”, èmi náà sì ṣì í. Yorùbá a máa ka òní mọ́ ọn. Ọmọ tí a bí ní Ìṣẹ́gun, Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e la ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Bí màmá àgbà bá ka ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tèmi, Ajé ló máa bọ́ sí. “Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n òní” ló tọ̀nà, òun ló sì wà lórí káàdì báyìí.

Ọ̀nà jíjìn ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò fara gbá yóò gbà á fún ọdún márùn-ún tàbí títí yóò fi pé ọdún 21, èyí tó bá gùn jù. Ẹni tí àpá kù sí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ lè gbà á títí yóò fi pé 40. Nínú ìwé nọ́ọ̀sì, ibi tí wọ́n ti ń kọ “ó sá” tẹ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n máa ka ọjọ́ tí kò sí ẹ̀ṣọ́. Ti ọmọkùnrin náà, láàárín oṣù mẹ́ta tí kò pa abẹ́rẹ́ kankan jẹ, jẹ́ ọjọ́ mẹ́fà.